Bí a ṣe ń fi eré ọjà mú ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ jẹ́léósinmi pọ̀ sí i

Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú kíláàsì fún ọmọ ọdún 4 sí 5. Ọmọ 4 tàbí 5 ló tó nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo ni yóò gba ibẹ̀. Ẹ kó agolo òfìfo, òkúta wẹ́wẹ́, ìdérí ìgò àti ewé gbígbẹ síbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ra ata oníke. Lev Vygotsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, ṣàlàyé pé nígbà tí ọmọ bá gun igi tó ń pè é ní ẹṣin, ó ti ń ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kúrò lára ohun tí ojú ń rí. Bí òkúta bá máa di ata rodo, ọmọ ní láti fẹnu sọ ọ́ kí ẹnì kejì tó lè mọ̀. Ata oníke kò béèrè àlàyé kankan. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 3 ni ohun tó jọ ti gidi ṣì wúlò fún.

Kí wọ́n tó wọ ọjà, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé: "Ta lo máa jẹ́? Kí lo máa ṣe?" Ọmọ tó bá dáhùn pé "Èmi ni mo máa ta ata, Ṣadé á wá rà á" ti ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì ju dídárúkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, torí wọ́n lè fi èyí tó pọ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ jiyàn lórí ẹni tó máa jẹ́ kí ni. Bí kò bá ti di ìjà, ẹ má dá sí i: èdè ni wọ́n ń lò yẹn.

Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ wọlé bí oníbàárà.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá aláta. Èló ni àwo kan?"
"Igba náírà."
"Háà! Kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí?"

Ibi tó le jù nìyí: kí olùkọ́ dákẹ́. Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, rí i nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré làwọn olùkọ́ fi ń dúró de ìdáhùn; nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i.

"Òjò ò rọ̀."
"Ẹ̀ẹ́n, torí pé òjò ò rọ̀ ni ata fi wọ́n."

Èrò ọmọ náà ni olùkọ́ dá padà fún un, ó kàn fi "torí pé" so ó pọ̀ ni. Kò ní kí ọmọ tún un sọ. Kó ra ata rẹ̀, kó sì máa lọ.

Ẹ tẹ́tí sí "o" àti "ẹ" pẹ̀lú. Ọmọ tó ń pe gbogbo ènìyàn ní "ìwọ" lè máa sọ fún ìyá aláta pé "Ẹ dín in kù fún mi," torí ipò tó wà nínú eré ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òfin ipò báyìí ni Vygotsky ní lọ́kàn nígbà tó sọ pé ọmọ máa ń ga ju ara rẹ̀ lọ nínú eré.

Ohun tó sábà ń ba eré yìí jẹ́ ni kí olùkọ́ sọ ọ́ di ìdánwò: "Àwọ̀ wo nìyí? Kà á fún mi." Bí gbogbo ọmọ bá kọjú sí olùkọ́, tí ìdáhùn wọn sì di ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, eré ti dúró nìyẹn. Kí olùkọ́ tètè jáde. Fún ọmọ tí kì í fọhùn, ẹ fi í ṣe alábàárù, "Ṣé kí n bá yín gbé e?" ti tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wá ń tún ara rẹ̀ sọ lójoojúmọ́, ẹ gbé ìṣòro tuntun wọ ọjà: owó oníbàárà kò pé, tàbí ata tó rà lánàá ti jẹrà.