Bí mo ṣe tún ìkìlọ̀ wa kọ lórí àyípadà àkáǹtì olùpèsè

Ìkìlọ̀ tí àwa ẹ̀ka ìṣúná kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sọ pé: "Ẹ ṣọ́ra fún ímeèlì tó bá mú ìfura dání, kí ẹ sì wádìí kí ẹ tó sanwó." Nígbà tí ímeèlì kan dé pé olùpèsè wa kan ti yí àkáǹtì padà, òṣìṣẹ́ wa kan wádìí lóòótọ́. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì náà ló pè, gbájúẹ̀ tó kọ ọ́ ló sì gbé e, tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àwọn ti pààrọ̀ báńkì. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni kejì tó ń fọwọ́ sí owó, tó rí i pé orúkọ orí àkáǹtì tuntun kì í ṣe ti olùpèsè.

Mi ò dá òṣìṣẹ́ yẹn lẹ́bi. A ní kó wádìí, a ò sọ ibi tí yóò ti wádìí. Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́, mo kọ èyí:

"Bí wọ́n bá ní kí a yí àkáǹtì olùpèsè padà, ẹ má fèsì, ẹ má sì pe nọ́ńbà inú ímeèlì náà. Ẹ pe èyí tó ti wà nínú fáìlì wa tẹ́lẹ̀. Títí ẹ ó fi bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ dá owó dúró, bí ọ̀gá tilẹ̀ ń kánjú."

Mo yọ ìlà tó ní kí wọ́n yẹ àdírẹ́sì ímeèlì wò. Bí ọ̀daràn bá ti wọ inú ímeèlì olùpèsè gan-an, àdírẹ́sì á pé pérépéré, ọkàn á sì balẹ̀ lásán.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fún kà bi mí pé, bí wọ́n bá ti yí nọ́ńbà inú fáìlì padà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ńkọ́? Mo fi kún un pé nọ́ńbà àtijọ́ la ó fi wádìí nọ́ńbà tuntun.