Bí a ṣe gbé abẹ́rẹ́ àárọ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù: ìrírí mi lórí oògùn tí a ń fún ìyá kí abẹ tó kàn án

Àpò ọ̀rá kan ló mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìyá àgbà kan tú u sílẹ̀ sórí tábìlì mi ní wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọlọ́mọ, òfìfo ìgò abẹ́rẹ́ ló sì kún inú rẹ̀: oògùn apakòkòrò méjì, sẹfurosíìmù àti mẹtironidásọ̀lù ọjọ́ méje, tí wọ́n fi owó ara wọn rà lẹ́yìn tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí a ra gbogbo rẹ̀ kí ojú abẹ má baà kẹ̀. A rà á tán. Kí ló wá dé tí ó fi kẹ̀?" Ní ọjọ́ kẹjọ yẹn, ọyún ti ń sun láti igun kan ojú abẹ náà. Owó oògùn wọn ju owó ibùsùn wọn lọ, n kò sì ní èsì kankan láti fún un.

Mo gbé fáìlì aláìsàn náà, mo sì wá wákàtí méjì péré nínú rẹ̀: ìgbà tí a fún un ní oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́, àti ìgbà tí abẹ kan ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù gún un ní gíráàmù kan àbọ̀ sẹfurosíìmù ní aago 7:10 àárọ̀, torí pé orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú ìwé ọjọ́ náà. Àmọ́ aláìsàn pàjáwìrì kan wọlé, wọ́n tì í sẹ́yìn, abẹ kò sì kàn án títí di aago 11:40. Sẹfurosíìmù kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, kíndìnrín á ti yọ ìdajì rẹ̀ dànù, bí iye àkókò yẹn bá sì tún kọjá, ìdajì èyí tí ó kù náà á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀, èyí tí ó kù lára ìyá náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ. N kò lè búra pé ìyẹn nìkan ló fà á, nítorí egbò lè kẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba oògùn tí ó kéré jù lọ ni a fi dúró de abẹ náà.

Àwọn kòkòrò tí ń ba ojú abẹ jẹ́ wọlé ní àsìkò tí ara bá ṣí sílẹ̀, láti ara awọ aláìsàn fúnra rẹ̀ àti láti ojú ara tí ọmọ ń gbà jáde. Bí oògùn bá ti wà nínú ẹran ara ní àsìkò náà, yóò pa wọ́n kí wọ́n tó rí ibi fìdí kalẹ̀ sí. Bí a bá ti rán ara pọ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ á dì yí èyí tí ó ṣẹ́ kù ká, oògùn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀ mọ́. Kòkòrò tuntun náà kò sì tún wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa lé e fún ọjọ́ méje. Ní 1992, àwọn oníṣègùn ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 2,847: lára àwọn tí wọ́n gba oògùn láàárín wákàtí méjì kí abẹ tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 6 nínú 1,000 ni egbò wọn kẹ̀, lára àwọn tí wọ́n gbà á ṣáájú ìyẹn, bíi ti ìyá wa yìí, ó tó 38 nínú 1,000.

A pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ó máa fún ìyá ní oògùn, kí abẹ tó kàn án; yíyan oògùn náà kò gbà wá lákòókò. Sẹfasolíìnì gíráàmù méjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ni a mú, gíráàmù mẹ́ta fún ẹni tí ó bá wọn tó 120 kílò, nítorí pé ó ń pa sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, kòkòrò tí ń gbé orí awọ, dáadáa, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ ju sẹfurosíìmù lọ. Àwọn kan fẹ́ apakòkòrò mìíràn, sẹfitiriasóònù, torí pé òun ló pẹ́ jù nínú ara. Òótọ́ ni, àmọ́ kò lágbára tó sẹfasolíìnì lórí sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kí a fi í pamọ́ de ẹni tí àrùn ti mú ní tòótọ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti há sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni pé ta ni yóò gún abẹ́rẹ́ náà. Mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n yéé fún un láàárọ̀. Wọ́n ní bí àwọn kò bá fún un, kò sẹ́ni tí yóò rántí, wọn kò sì parọ́. Mo lọ bá dókítà akunnilóorun, ó ní iṣẹ́ òun ni oorun àti ẹ̀mí, oògùn egbò kọ́. Mo lọ bá oníṣẹ́ abẹ, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń dúró kí a gé okùn ìwọ́ ọmọ ná, kí oògùn má baà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Mo ṣàlàyé pé a ti ṣe ìwádìí lórí ìyẹn, pé fífún un kí abẹ tó kàn án ló dáàbò bo ìyá jù, kò sì pa ọmọ lára, àti pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe dámọ̀ràn. Ó gbọ́, ó mi orí, ó sì ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni ìwé àyẹ̀wò ààbò tí à ń kà sókè kí abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ pé, ǹjẹ́ a ti fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú tí ó kọjá? A ti ń fi àmì "bẹ́ẹ̀ ni" sí i láìwo aago. Ti ìyá náà wà nínú fáìlì rẹ̀, pẹ̀lú àmì "bẹ́ẹ̀ ni" gàdàgbà.

Níkẹyìn, mo rí i pé ibi tí oògùn náà ń gbé ni wàhálà. Ẹbí ló ń rà á, wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé e wá, nígbà tí dókítà bá sì nílò rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó wà nínú àpò ìyá ọkọ níta. A wá ń fi ìgò kan sínú àpò kékeré tí ń bá fáìlì wọlé. Bí aláìsàn bá ti gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tán, kí wọ́n tó fọ ikùn rẹ̀, dókítà akunnilóorun á fún un lójú iṣan, nọ́ọ̀sì á kọ wákàtí sára pátákó, oníṣẹ́ abẹ kò sì ní gba ọ̀bẹ títí a ó fi ka wákàtí náà síta. Bí iṣẹ́ bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó dànù bá ju lítà kan àbọ̀ lọ, a ó tún un fún.

Dídá oògùn ọjọ́ méje dúró ló wá kù. Ẹ̀rù ba àwọn dókítà, mo sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí egbò bá kẹ̀ lẹ́yìn oògùn púpọ̀, a ó ní a gbìyànjú; bí ó bá kẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, orúkọ ẹnì kan ni yóò bàjẹ́. A ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí méjì. Ẹni tí omi tí ó yí ọmọ inú rẹ̀ ká ti ń rùn, tí ibà ti mú kí a tó gbé e wọlé, àrùn ti wà lára rẹ̀, ìtọ́jú ni ó nílò, ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó o. Ẹni tí àrùn kò sí lára rẹ̀, kò sí ìgò kejì fún un. Ìyá méjì kan tí ìgbẹ́ gbuuru dà láàmú lórí oògùn ọjọ́ méje ní ọdún kan náà ló jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ wa gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi.

Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, aago ni n bá kọ́kọ́ wò kí n tó wo oògùn rárá. Lẹ́yìn oṣù méjì tí a ti ń kọ wákàtí sára pátákó ni ẹnì kan tó ṣàkíyèsí pé aago yàrá iṣẹ́ abẹ fi ìṣẹ́jú méjìlá rẹ̀yìn sí ti wọ́ọ̀dù.