Ẹ má pín owó atẹ̀wé sí iye ẹ̀dà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò ìwé alàwòrán ọmọdé

Bí ilé ìtẹ̀wé bá ti fi iye owó ránṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á pín in sí iye ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Bí atẹ̀wé bá ní 1,500 fún 500 ẹ̀dà, wọ́n á ní ìwé kan ná àwọn ní 3. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí atẹ̀wé máa gbà lórí ẹ̀dà kan ni 3 yẹn, kì í ṣe iye tí ìwé náà máa ná yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìwé olójú-ewé 32 kan, 500 ẹ̀dà. Ẹyọ owó lásán ni mo fi ń ṣe é, kí ẹ lè fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ayàwòrán gba 3,000. Olóòtú àti ẹni tó to ojú ewé gba 800. Ẹ̀dà àyẹ̀wò tí a wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gba 60, owó ìtẹ̀wé jẹ́ 1,500, ẹrù sì gba 250. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,610. Ẹ wo bí owó ayàwòrán ṣe jẹ́ ìlọ́po méjì owó ìtẹ̀wé. Ohun tí ẹni tó ń kọ ìtàn àgbà kì í bá pàdé nìyẹn, òun ló sì ń tú ìṣirò ìwé ọmọdé ká.

Iye wo la ó wá pín in sí? Kì í ṣe 500. Bí 15 bá fàya tàbí tí igun rẹ̀ bá wó lójú ọ̀nà, tí ẹ sì fún ayàwòrán, àwọn tó máa kọ̀wé nípa rẹ̀ àti ilé ìkàwé ní 45, 440 ló kù tí ẹ lè tà. 5,610 sí ọ̀nà 440 jẹ́ 12.75. Bí ẹ bá wá dá iye títà sí 20, tí ilé ìtàwé sì gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún, 12 ló máa bọ́ sọ́wọ́ yín. Ẹ ti jẹ gbèsè díẹ̀ lórí gbogbo ìwé tí wọ́n bá tà níbẹ̀, ẹni tó sì gbà pé ìwé òun ná òun ní 3 á rò pé èrè ni òun ń jẹ.

Ibí ni àṣìṣe kejì ti ń wọlé, òun ló sì burú jù lójú tèmi: kí a fi kún iye ẹ̀dà kí iye ẹyọ kan lè wálẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń wálẹ̀. Nínú 1,500 yẹn, 500 ni ti pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ àwòrán sórí bébà àti ìmúra ẹ̀rọ. Àwọ̀ mẹ́rin ni àwòrán ń lò, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní pléètì tirẹ̀ fún ojú bébà ńlá kọ̀ọ̀kan. Iye pléètì kò yí padà, ì báà jẹ́ 100 ẹ̀dà tàbí 1,000. Bébà, tàdáwà àti ìdìpọ̀ nìkan ló ń pọ̀ sí i, 2 lórí ẹ̀dà kan. Nítorí náà, 1,000 ẹ̀dà á gba 2,500 lọ́wọ́ atẹ̀wé, ká ní ẹrù di 450, àpapọ̀ á di 6,810. Bí ẹ bá rí 920 tà nínú rẹ̀, ìwé kan ná yín ní nǹkan bí 7.40. Ó dùn lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 440 yẹn náà lẹ rí tà, iye rẹ̀ á di nǹkan bí 15.48, àwọn páálí tó kù á sì gba yàrá kan lọ́wọ́ yín. Iye àwọn tí ẹ mọ̀ pé wọ́n máa rà á ni kí ẹ fi pín owó.

Fún 100 tàbí 200 ẹ̀dà, ẹ béèrè iye ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Kò nílò pléètì, àmọ́ iye ẹyọ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dín bí ẹ̀dà ṣe ń pọ̀.

Kí ẹ tó fi ìdíyelé méjì wéra, ẹ wò ó bóyá ohun kan náà ni wọ́n dá lé. Ìwé tí wọ́n fi wáyà gún láàárín gbọ́dọ̀ ní iye ojú ewé tó ṣeé pín sí mẹ́rin, nítorí náà ojú ewé 33 yóò di 36, ojú ewé mẹ́ta á sì ṣófo. Ti ẹlẹ́yìn líle, ẹ béèrè bóyá bébà tó so ẹ̀yìn mọ́ inú wà lára 32 yẹn tàbí owó ọ̀tọ̀ ni. Kí ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè tẹ̀ kọjá iye tí ẹ bèèrè tàbí kí ó dín sí i, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló fi í sínú àdéhùn pé ó lè yẹ̀ tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ ó sì san owó èyí tó lé. Lórí 500, ẹ̀dà 50 nìyẹn.