Orúkọ Omi Oníke: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Omi Yín Di "Èyí Tó Bá Ṣáà Ti Tutù"

Ẹ lọ dúró létí ìṣọ̀ ìyá kan tó ń ta ohun mímu ní Ọ̀jọ́ta lọ́sàn-án gangan, kí ẹ máa gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń ra omi. "Ìyá, ẹ fún mi ní bọ́tù-wọ́tà." Ìyá á ki ọwọ́ bọ inú kúlà, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ló máa fà yọ. Bí oníbàárà bá tilẹ̀ dárúkọ, orúkọ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló máa dá: Eva, Aquafina, Ragolis. Ẹni tó bá wá sọ omi tirẹ̀ ní Aqua-kan-báyìí, ńṣe ló ń bá ẹni tó ni Aquafina polówó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣómólú ni mo ti ń ya lébẹ̀ẹ̀lì, omi ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá. Ohun tí mo ń rí ni pé orúkọ tó "dà bí orúkọ omi" ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ń wá. Wọ́n á mú méjì nínú Aqua, Crystal, Pure, Fresh, Spring, Divine àti Grace, wọ́n á so wọ́n pọ̀, ìsọmọlórúkọ ti parí nìyẹn. Wọn ò rò ó pé ohun tó mú kí ó dà bí orúkọ omi ni pé omi àwọn ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ.

Òfin pàápàá ò bá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Abala 9 nínú òfin tíréèdì-máàkì Nàìjíríà, ìyẹn òfin lórí orúkọ àti àmì ọjà, kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ tààrà bí ọjà ṣe rí tàbí bó ṣe dára tó, kò sì fẹ́ orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé lásán. Wọ́n lè gba orúkọ náà, kí wọ́n sì ní kí ẹ kọ̀wé pé ẹ ò ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí "Pure" tó wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ àdúgbò bá wá ṣe "Pure" tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ fi mú un? Ẹ wo bí àwọn tó ń bu omi ní Ikogosi, l'Ékìtì, ṣe ṣe é. Ìlú náà lókìkí nítorí omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn pàdé níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò kọ "Ikogosi" gbàgàdà sára ike. Gossy ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá mọ ìlú náà á gbọ́ ọ nínú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sì pè é láìkólòlò.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni pé wọ́n ń fi ojú yan orúkọ. Wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó rẹwà. Wọ́n á fi K rọ́pò Q, wọ́n á fi Y rọ́pò I, wọ́n á ní ó ti yàtọ̀. Ta ló ń gbọ́ Y lẹ́nu? Ní ọdún 1968, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan lórí oògùn méjì: Castoria ti wà lọ́jà, ẹlòmíì wá fẹ́ forúkọ Casorina sílẹ̀. Àwọn adájọ́ ro bí ẹnu àwọn tó ń ra ọjà níbí ṣe máa pè é, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé kà. Casorina ò wọlé. Ohun kan náà ló ń ṣe Crystal. Lẹ́nu wa, "Kírísítà" ni. Bí ẹ bá pe tiyín ní Christa nítorí ìgbàgbọ́ yín, "Kírísítà" náà ni.

Bí mo ṣe ń dán an wò rèé. Mo máa ń ní kí oníbàárà pe èèyàn mẹ́wàá lórí fóònù láti ibi tí ariwo wà, inú dánfó tàbí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí ó dárúkọ omi náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ lórí wásáàpù. Bí ẹni mẹ́ta bá kọ orúkọ omi ẹlòmíì, a ò ní ya nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Orúkọ Yorùbá ní ewu tirẹ̀, torí ìwọ̀nba lébẹ̀ẹ̀lì ló ń gbé àmì ohùn. Ìyá ìjọ kan mú "OMI IYE" wá fún mi. Omi Ìyè ló ní lọ́kàn, ti inú Bíbélì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni tó ń rajà. Ẹ sọ pé kí n fún yín."

"Fún mi ní Omi Ìyè."

"Omi iye?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìbéèrè tí gbogbo ọlọ́jà ń bi oníbàárà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe orúkọ! A jọ jókòó tì í. Wọ́n dárúkọ "Omi Tútù", mo ní gbogbo kúlà ló kún fún omi tútù. Wọ́n dárúkọ "Spring", mo béèrè ibi tí omi náà ti ń wá, wọ́n ní bóhóòlù. Omi bóhóòlù kì í ṣe omi ìsun, orúkọ tó bá sì máa tan èèyàn jẹ kò lè forúkọ sílẹ̀. Orúkọ tó ń ṣèlérí ìwòsàn náà, NAFDAC ò ní gbà á lára omi. Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá ìyá wọn àti àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró níbẹ̀. ÀMÙ: lẹ́tà mẹ́ta, ẹnu kì í kọ́ ọ. Bí ẹni tí kò rí àmì ohùn bá tilẹ̀ pè é ní "a mu", ọ̀rọ̀ omi mímu náà ni.

Orúkọ dáa o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe olówó ńlá wà. Àwọn kan rò pé bí CAC bá ti fún wọn ní ìwé ilé iṣẹ́, orúkọ omi ti di tiwọn. Ilé iṣẹ́ ni CAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ọjà, ọ́fíìsì tíréèdì-máàkì l'Ábùjá ló ń rí sí i, ìsọ̀rí 32 sì ni omi mímu wà. Ẹ ní kí aṣojú yín wá a nínú ìwé wọn kí ẹ tó san owó mìíràn. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, ẹni tó bá fẹ́ takò ó sì ní oṣù méjì. Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ń lo ọdún 7, lẹ́yìn náà ẹ óò máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14-14. NAFDAC náà máa béèrè ẹ̀rí orúkọ yìí nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà.

Oníbàárà mi kan ò dúró. Ó ní kí n gbé iṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí lẹ́tà ọ́fíìsì tíréèdì-máàkì pé wọ́n gba orúkọ náà tó jáde. Fún irú ìtẹ̀wé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sílíńdà ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò, inú irin ni wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sí. Lẹ́tà funfun tí wọ́n dá sí láàárín àwọ̀ ló fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni pé orúkọ náà wà lára sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ọ́fíìsì ò gba orúkọ náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la tún gbẹ́, yàtọ̀ sí róòlù lébẹ̀ẹ̀lì tó ti tẹ̀, tó sọ di ohun tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ń di ẹrù.

Ti ìyá ìjọ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé ṣé mo ti fi ránṣẹ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé lẹ́tà ti dé.