Bí a ṣe ń ṣírò yíyí eléré orí yìnyín tó kó apá mọ́ra, àti ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá

Eléré orí yìnyín dúró lójú kan lórí ẹsẹ̀ kan, ó na apá méjèèjì síta, ó ń yí bí òòyì. Bó ṣe kó apá náà mọ́ àyà báyìí, yíyí náà yá débi pé ojú rẹ̀ kò ṣeé dá mọ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò tì í, kò sì tún fi ẹsẹ̀ ta yìnyín. Ní ọdún 2015, Olivia Rybicka-Oliver, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, yí débi pé eré rẹ̀ tó ìgbà 342 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ju ìgbà márùn-ún ààbọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama á sọ pé mòmẹ́ńtọ̀mù ìyípo ni kò yí padà, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọ́n máa ń fò ni pé agbára inú yíyí náà kò dúró bó ṣe wà. Ó lè di ìlọ́po mẹ́ta. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí ẹni tí kò bá lè sọ ibi tí agbára náà ti wá kò tíì mọ ìdí tí eléré náà fi ń yára. Ẹ mú ìwé àti ẹ̀rọ ìṣírò, ká jọ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ń dúró

Ìlà kan wà tó gba àárín orí eléré náà sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, òun ni gbogbo ara ń yí ká. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìlà àárín. Bí ara kan ṣe ń ṣòroó yí tó, tó sì ń ṣòroó dá dúró tó bó bá ti ń yí, ni à ń pè ní ìlọ́ra ìyípo, àmì rẹ̀ ni I. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Bí ìwúwo náà ṣe jìnnà sí ìlà àárín tó ló ṣe kókó jù, torí a máa fi jíjìnnà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ká tó fi ìwúwo sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì á lọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin.

Mòmẹ́ńtọ̀mù ìyípo, L, ni ìlọ́ra yìí tí a fi eré yíyí sọ di púpọ̀:

L = I × ω

Rédíánì ní ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń wọn ω. Yíyí kan tó pé jẹ́ rédíánì 6.28.

L kì í yí padà àfi tí ipá kan láti ìta bá gbìyànjú láti yí ara náà tàbí láti dá a dúró. Kí ló wá ń kan eléré wa láti ìta? Òòfà ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀, yìnyín ń tì í sókè lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń gba ojú ìlà àárín kọjá, nítorí náà wọn ò lè yí i. Ó ku kí irin bàtà máa ha yìnyín, kí afẹ́fẹ́ sì máa dí i lọ́nà. Ìwọ̀nyí ń jẹ L díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kíkó apá mọ́ra kì í sábà pé ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, a lè fojú fò wọ́n. Ti iṣan apá ńkọ́? Inú ara ni ìyẹn wà. Bí apá bá ṣe ń ti àyà síwájú ni àyà náà ń ti apá sẹ́yìn, wọ́n sì dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ìlọ́ra, apá síta àti apá mọ́ra

Ká mú obìnrin kan tó wúwo tó kílógíráàmù 50. Apá kan, pẹ̀lú ọwọ́, máa ń tó nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara, ìyẹn kílógíráàmù 2.5. Kílógíráàmù 45 tó kù la máa ṣe bí òpó tó rí roboto, tí etí rẹ̀ jìn sí ìlà àárín ní sẹ́ntímítà 14. Fún òpó, ìlàjì ìwúwo là ń lò:

½ × 45 × 0.14² = 0.44, ká pè é ní 0.45

Ìwúwo apá tó nà síta pín láti èjìká dé orí ìka. A lè ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ kó jọ sí ibi tó jìn sí ìlà àárín ní sẹ́ntímítà 52. Apá méjì nìyí:

2 × 2.5 × 0.52² = 1.35

Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó kọjá. Ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni apá méjèèjì nínú ìwúwo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ìlọ́ra náà. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré bíi kíkó apá mọ́ra fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Tí apá bá ti wà ní àyà, ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí jìn sí ìlà àárín ní sẹ́ntímítà 17, ìlọ́ra apá méjèèjì á wá di nǹkan bí 0.15. Àpapọ̀ ìlọ́ra jẹ́ 1.8 nígbà tí apá wà níta, ó wá di 0.6 nígbà tí apá wà mọ́ra.

Nínú eré tòótọ́, eléré a máa na ẹsẹ̀ tí kò dúró lé síta pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ wúwo ju apá lọ dáadáa, ìyàtọ̀ náà á sì pọ̀ ju èyí lọ. Mo yọ ọ́ kúrò kí ìṣírò wa má bàa dí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá eré tuntun

Ká sọ pé ó ń yí ní ìgbà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1.5 × 6.28 jẹ́ 9.42.

L = 1.8 × 9.42 = 17

Lẹ́yìn tó kó apá mọ́ra, L ṣì jẹ́ 17, àmọ́ I ti di 0.6:

ω = 17 ÷ 0.6 = 28.3

Ìyẹn ni ìgbà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 270 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlọ́ra lọ sílẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta, eré gòkè ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò agbára

Agbára tó wà nínú yíyí, K, ni:

K = ½ × I × ω²

Tí apá bá wà níta: ½ × 1.8 × 9.42² = júùlù 80.
Tí apá bá wà mọ́ra: ½ × 0.6 × 28.3² = júùlù 240.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Tẹ́ ẹ bá fi iye ìgbà tó yí, 1.5, sí ipò 9.42, júùlù 2 lẹ máa rí dípò 80. Àṣìṣe yìí kì í hàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìṣírò L, torí pé ìfiwéra lásán ń fara mọ́ òṣùwọ̀n èyíkéyìí. Ibi agbára ló ti máa ń dójú tini.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ẹni tó san júùlù 160

Iṣan eléré náà ló san án. Ohun tó bá ń yí ká kì í fẹ́ yí ká, ó ń fẹ́ lọ tààrà. Kí apá má bàa lọ, a ní láti máa fà á sínú pẹ̀lú ipá tó jẹ́ ìwúwo rẹ̀, lọ́nà ω², lọ́nà jíjìnnà rẹ̀. Nígbà tí apá wà níta, ipá náà jẹ́ 2.5 × 9.42² × 0.52, ìyẹn níútọ̀n 115 fún apá kan, bí ìgbà téèyàn gbé ẹrù kílógíráàmù 12. Nígbà tí apá bá fi máa dé àyà, ω ti ga, ipá náà sì ti di níútọ̀n 340, tó jẹ́ ẹrù bíi kílógíráàmù 35. Èyí ló fà á tí àwọn eléré fi ń kọ́ èjìká àti àyà wọn lágbára. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ òpin ni apá túbọ̀ ń fẹ́ jáwọ́.

Ẹ fi èyí yẹ ìṣírò wa wò. Ipá náà bẹ̀rẹ̀ ní 115, ó parí ní 340, àárín méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 228. Apá rìn sínú láti 52 dé 17, sẹ́ntímítà 35.

228 × 0.35 = júùlù 80

Apá méjì, júùlù 160. Iye tó sọnù la rí yìí, láìlo K rárá.

Ibi tí agbára náà wá lọ ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ pín K sí méjì: ti apá àti ti ara tó kù. Ti apá jẹ́ júùlù 60 kó tó kó wọn mọ́ra, ó sì tún jẹ́ 60 lẹ́yìn rẹ̀, torí pé ohun tí jíjìnnà pàdánù ni eré fi kún un. Ti ara tó kù kúrò ní 20, ó di 180. Iṣan fa apá, ṣùgbọ́n ara ni agbára náà gbà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi ojú ara yín rí i

Ẹ mú fídíò eléré kan tó ń ṣe báyìí, ẹ fà á ní àwòrán kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ka iye àwòrán tó wà láàárín ìgbà tó kọjú sí wa àti ìgbà tó tún kọjú sí wa. Fídíò fóònù sábà máa ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún eléré tiwa, ẹ máa rí àwòrán 20 nígbà tí apá wà níta, àti bíi 7 nígbà tó wà mọ́ra.

Ká ní agbára ni kò yí padà, eré ì bá gòkè ní ìlọ́po 1.73 péré, ẹ ì bá sì ka nǹkan bí 11 tàbí 12. Ìyàtọ̀ láàárín 7 àti 12 hàn kedere fún ẹnikẹ́ni tó bá kà á.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé eré náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń sún kiri lórí yìnyín, irin bàtà ń ha ilẹ̀ jù, ó sì ń jẹ L. Lẹ́yìn náà, ẹ ka yíyí mélòó kan sí i lẹ́yìn tí apá ti wà mọ́ra. Bí iye àwòrán bá ń pọ̀ sí i láti yíyí kan dé òmíràn, ìhara ló ń jẹ ẹ́. Bí kò bá pọ̀ sí i, ìwọ̀n apá tẹ́ ẹ fojú dá ni kò péye.

Ẹni tí kò sí yìnyín nítòsí rẹ̀ lè lo àga ọ́fíìsì tó ń yí, kó di ìgò omi lítà kan ààbọ̀ mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn sì rọra yí i. Ẹ jẹ́ kí àyè wà yí ká, kẹ́ ẹ sì má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí àga onítáyà lè dojú dé. Ìlọ́po eré náà kò ní tó mẹ́ta, nítorí itan tó nà síwájú lórí àga ti fi ìlọ́ra kún un, kò sì ṣeé kó mọ́ra.

Tí eléré bá tún na apá síta, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ balẹ̀ lẹ́yìn fífò, gbogbo ìṣírò yìí á padà sẹ́yìn. I di 1.8, eré di 1.5, L ṣì jẹ́ 17, K sì bọ́ sí 80. Apá ló ń fẹ́ fò síta, iṣan ló ń dì í mú kó má bàa já lọ lẹ́ẹ̀kan, júùlù 160 náà á sì di ooru nínú iṣan èjìká. Kò sí ibi tí ara tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá tún fẹ́ kó apá mọ́ra, iṣan á tún san 160 mìíràn.