Bí mo ṣe tún ìtumọ̀ ìwé ìbí ìyàwó mi ṣe

Lẹ́tà dé pé ìtumọ̀ ìwé ìbí ìyàwó mi tá a fi ránṣẹ́ sí ímígírésọ̀n Amẹ́ríkà ò pé, ó yà mí lẹ́nu gan-an torí a ti gbé e dé ọ̀dọ̀ nótárì, òǹtẹ̀ pupa wà lára ẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé yẹn. Mo bá tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, mò ń wò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, àṣé wọ́n ti fo ohun tí wọ́n fi bírò kọ sí etí ìwé, ibi tí ọjọ́ ìgbéyàwó wa wà gan-an! Òǹtẹ̀ róbótó tó wà lórí sáìn náà, wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá.

Gbólóhùn atúmọ̀ èdè ló tún burú jù, ó kàn kọ pé ìtumọ̀ náà péye. Òfin fẹ́ kó sọ pé ó pé pérépéré, kò lábùkù, kó sì tún sọ pé òun gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì débi tóun lè túmọ̀ ẹ̀. Nótárì ò lè rọ́pò ìyẹn, sáìn nìkan ló ń jẹ́rìí sí, òfin ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀.

A wá ẹlòmíì, ó to gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà nínú ojúlówó, níbi tí òǹtẹ̀ wà ó kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú àkámọ́, èyí tí ò hàn ó kọ pé kò ṣeé kà. Ó kọ gbólóhùn méjèèjì, ó sáìn, ó fi orúkọ, àdírẹ́sì àti déètì sí i. A so ó mọ́ fọ́tòkọ́pì ìwé Faransé, wọ́n sì gbà á.