Iná jó, òṣìṣẹ́ dé: orí èwo ni "had" ń gùn?

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ni mí ní àdúgbò kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Mo ń kọ lẹ́tà ìfisùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì kọ "When the workers arrived, the transformer caught fire." Alága wa kà á, ó ní ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ló wá dáná sun ún ni. Mo wá fi "had" sórí ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì, wọ́n ní kò yé àwọn mọ́ rárá. Èwo ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"When the workers arrived, the transformer had caught fire."

Ẹyọ "had" kan péré, lórí ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí "arrived" wà bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ alága yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi "when" so ìṣẹ̀lẹ̀ méjì irú èyí pọ̀, tí kò sí "had" lórí ìkankan, ẹni tó ń kà á yóò gbà pé èyí tó tẹ̀lé "when" ló ṣáájú, pé èkejì sì wáyé lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, yóò tún rò pé èkíní ló fa èkejì. "When she saw the snake, she screamed": ejò tó rí ló jẹ́ kó pariwo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọn yóò ṣe ka tiyín. Òṣìṣẹ́ dé, wọ́n fọwọ́ kan nǹkan, iná sọ. Nínú lẹ́tà ìfisùn, ẹ ti fi ẹ̀sùn tí ẹ ò ní lọ́kàn kan àwọn ènìyàn nìyẹn.

Ohun tí "had" ń ṣe ni pé ó ń ní kí ònkàwé dúró síbì kan nínú àná, kó sì ti ibẹ̀ bojú wo ẹ̀yìn. Ibi tí ó dúró sí ni dídé àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni iná. Nígbà tí ẹ wá fi "had" sórí méjèèjì, kò ríbi dúró sí mọ́. Ó di dandan kó máa retí ìṣẹ̀lẹ̀ kẹta, ìkẹta ò sì dé. Ohun tó dojú rú mọ́ alága lọ́wọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ẹ bi ara yín pé báwo gan-an ni ẹ ṣe rí i. Bí wọ́n ṣe dé tí iná ń jó lọ́wọ́, "was burning" ló yẹ. Bó bá ti jó tán kí wọ́n tó yọjú, "had burnt" ni. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n dé ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn, a jẹ́ pé gbólóhùn àkọ́kọ́ yín tọ̀nà, ẹjọ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ti" ni alábòójútó wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì máa ń ṣini lọ́nà nígbà mìíràn. Nínú "nígbà tí wọ́n dé, ó ti jóná", ibi tí "ti" bọ́ sí náà ni "had" yóò bọ́ sí, kò séwu. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé "mo ti kọ̀wé sí wọn lóṣù tó kọjá", ẹlòmíràn á wá kọ "I had written to them last month", á fi àmì ìdánudúró sí i. Kò tọ̀nà bó bá dá dúró bẹ́ẹ̀. "I wrote to them last month" ló yẹ. Bí ẹ bá ti rí "had" nínú iṣẹ́ yín, ẹ bi í pé: ṣáájú kí ni? Bí ìdáhùn ò bá sí nínú gbólóhùn náà tàbí nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó ń múra ìdánwò ní bí "after" tàbí "before" bá ti wà níbẹ̀, kí n má wulẹ̀ kọ "had". Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni fún "after", nítorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti tò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká lo ohun tí gbogbo wa mọ̀ nílé níbí. Ọdún 2005 ni Yúnẹ́sìkò fi Igbó Ọ̀ṣun kún ogún àgbáyé. Àdùnní Olórìṣà, tó tọ́jú igbó náà, sì kú ní 2009. Ẹ lè kọ:

"Adunni Olorisa died after UNESCO listed the grove."

Bí ẹ kọ "had listed", kì í ṣe àṣìṣe, àfikún lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi "when" rọ́pò "after", ọ̀rọ̀ yí padà:

"When Adunni Olorisa died, UNESCO had already listed the grove."

Ẹ yọ "had already" kúrò nínú èyí, ẹ ó rí i pé ó ti di pé ikú Àdùnní ló mú kí Yúnẹ́sìkò wá kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀. Irọ́ ńlá ni. "By the time" náà fẹ́ "had" gidigidi bí ohun àkọ́kọ́ bá ti parí.

Ibi tí ọmọ yín ti ní láti ṣọ́ra ni "before". Ẹ wo èyí: "The workers left before we had explained the problem." Orí ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ni "had" wà, ó sì tọ̀nà. Ohun tó ń sọ ni pé àlàyé wa ò tíì parí tí wọ́n fi lọ. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, mi ò bá má yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé pọ̀. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ni "had" yóò máa wà lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, yóò sú ẹni tó ń kà á. Ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì ṣílẹ̀kùn, kí ìyókù wọlé láìsí "had":

"When the workers arrived, the transformer had burnt. It had sparked all night. We called the office twice, poured sand round the pole and moved the children away. At dawn the workers finally drove in."

"At dawn" ló mú wa padà síbi tí a dúró sí tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ònkàwé ò ní mọ ìgbà tí a kúrò nínú òru ọjọ́ náà.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ fún lẹ́tà ìfisùn: ẹ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aago. "The transformer caught fire at nine. The workers arrived at eleven." Kò sí "had" kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ṣi í kà.

Níbi tí ẹ bá ti lò ó, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. "Had gone" ni, kì í ṣe "had went". "Had broken", kì í ṣe "had broke". "Burnt" àti "burned" dára méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ lo ẹyọ kan jálẹ̀ lẹ́tà náà.